Bí Ìbéèrè Ṣe Ń Gbé Èrò Délé: Awakọ̀ Táàsì àti Èrò Tí Kò Mọ Àdírẹ́sì n'Ìbàdàn

Apá méjì ni iṣẹ́ awakọ̀ táàsì ní. Èyí tí gbogbo ayé ń fojú rí ni ọkọ̀ wíwà. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí iṣẹ́ ni wíwádìí ibi tí èrò ń lọ lẹ́nu èrò fúnra rẹ̀. Bí èrò bá mọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, apá kejì yìí kì í gba àkókò rárá, ṣùgbọ́n bí ó bá dárúkọ kan tí ibi méjì ń jẹ́, tàbí tí ó bá ń ṣàpèjúwe ilé tí kò mọ àdúgbò tí ó wà, ìbéèrè ni awakọ̀ yóò fi wá ọ̀nà kí ó tó fi ọkọ̀ wá a. Àròkọ yìí yóò ṣàlàyé bí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ, irú ìbéèrè tí ó ń mú ìdáhùn tí ó wúlò wá, irú èyí tí ó ń mú èrò sọ ohun tí kò mọ̀, àti bí awakọ̀ ṣe lè mọ̀ pé ìdáhùn tí òun gbà kò dúró. Ìtàn kékeré kan nípa ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìbàdàn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n àwọn ibi tí a dárúkọ nínú rẹ̀ wà, iṣẹ́ tí àwọn awakọ̀ sì ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ń ṣàpèjúwe.

Ìbàdàn yẹ fún irú àpẹẹrẹ yìí nítorí pé orúkọ àdúgbò níbẹ̀ sábà máa ń jọra wọn. Ọ̀pọ̀ ibi ni a fi igi sọ lórúkọ, bí Ìdí-Apẹ́, Ìdí-Ìṣin, Ìdí-Ọsẹ̀ àti Ìdí-Arẹrẹ, ọ̀pọ̀ ibi mìíràn ni a sì fi ìkóríta pè, bí Oríta-Mẹ́fà àti Oríta-Aperin, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní òun ń lọ sí “Oríta” nìkan kò tíì sọ ibi kankan. Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà wà lára ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò kì í fi nọ́ńbà júwe ilé fún ara wọn. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, tàbí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀. Nítorí náà, èrò tí kò mọ àdírẹ́sì kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó mọ ibi tí ó ń lọ lọ́nà tí àwọn ará ibẹ̀ gbà mọ̀ ọ́n. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ náà kò tíì bá èyí tí awakọ̀ ní pàdé: awakọ̀ mọ ìlú ṣùgbọ́n kò mọ ilé, èrò mọ ilé ṣùgbọ́n kò mọ ìlú.

Orúkọ kan tí ó máa ń fa irú ìdàrúdàpọ̀ yìí jù ni Adéọ̀yọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba méjì ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè bẹ́ẹ̀. Èkíní ni Adéọ̀yọ́ Yemẹtù, ilé ìwòsàn àtijọ́ tí a mọ̀ mọ́ ìgbẹ̀bí. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ṣẹ́ kí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà tó ṣílẹ̀kùn ní 1957. Ìkejì ni Adéọ̀yọ́ tí ó wà ní Ríngì Róòdù, ní ìhà gúúsù ìlú. Ibi méjèèjì jìnnà síra wọn, ọ̀nà tí ó lọ sí ọ̀kan láti ẹnubodè àríwá ìlú kò sì bá ti èkejì lọ. Ẹni tí ó ń gbé nítòsí ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń pe tirẹ̀ ní Adéọ̀yọ́ lásán, àlejò tí ó bá sì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu onílé kò ní mọ̀ pé ibòmíràn tún ń jẹ́ ẹ.

Ó yẹ kí a tún ṣàlàyé irú ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀pọ̀ táàsì Ìbàdàn, pàápàá àwọn ọkọ̀ kékeré tí a ń pè ní Máíkírà, ní ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ń ná, wọ́n sì ń kó èrò púpọ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà rẹ̀ bá ti yà, yóò sì wá òmíràn wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kan ṣoṣo bá gba gbogbo ọkọ̀, kí ó lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé, èyí ni wọ́n ń pè ní dúrọ́ọ̀pù. Nínú dúrọ́ọ̀pù ni ìbéèrè ti ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ọkọ̀ náà kò ní ojú ọ̀nà tí a yàn fún un, tí owó tí a ó san sì wà lọ́wọ́ bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà tó. Awakọ̀ tí ó bá dá owó lé e kí ó tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ ti gbin ìjà sílẹ̀, nítorí pé bí ọ̀nà bá gùn ju bí ó ti rò lọ, yóò béèrè àfikún, èrò yóò sì gbà pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Ìyá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ojóò ní ìyálẹ̀ta. Àpò èlùbọ́ kan, kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan àti àpò ọwọ́ kan ni ẹrù rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ó pè é ni wọ́n ń sọ pé ó ti pa á. Ó yan awakọ̀ kan, ó ní òun fẹ́ gba dúrọ́ọ̀pù, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Adéọ̀yọ́ ni mò ń lọ, ọmọ mi.”

Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ wá sí awakọ̀ lẹ́nu ni èyí tí yóò wá sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu: “Adéọ̀yọ́ wo ni, Màmá?” Ìyá náà wò ó, ó ní, “Adéọ̀yọ́ náà ni, ọsibítù ìjọba.” Ìbéèrè yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò lè so èso, nítorí pé ó ń béèrè ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ẹyọ kan. Lójú ìyá náà, Adéọ̀yọ́ kan ṣoṣo ló wà láyé. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ọsibítù ìjọba ni méjèèjì. Níbi tí awakọ̀ bá ti gbọ́ irú ìdáhùn báyìí, ó yẹ kí ó mọ̀ pé òun ti fi ohun tí òun mọ̀ béèrè ọ̀rọ̀, kí ó sì yí ìbéèrè padà. Kò yẹ kí ó tún un béèrè pẹ̀lú ohùn tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Awakọ̀ náà kò tíì yí i padà. Ó gbìyànjú láti ran ìyá náà lọ́wọ́, ó ní, “Ṣé ti Yemẹtù ni?” Ìyá náà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, “Ẹn-ẹ́n, ibẹ̀ náà ni.” Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ti ń ṣìnà, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí ó bá gbé orúkọ kan kalẹ̀ tí kò sì fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ ni a lè pè ní ìbéèrè atọ́ni, nítorí pé ó ti tọ́ ẹni tí a ń bi sí ìdáhùn kan kí ó tó lanu. Ohun mẹ́ta ló ń mú kí àlejò sọ bẹ́ẹ̀ ni sí irú rẹ̀. Ó lè rò pé awakọ̀ tí í ṣe onílùú mọ̀ jù òun lọ, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ó lè máa bẹ̀rù pé bí òun bá fi hàn pé òun kò mọ ìlú, owó ọkọ̀ yóò gòkè. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti gbọ́ orúkọ náà rí, kí ó máa ṣe é bí ẹni pé ibẹ̀ ni. Ìyá yìí ti gbọ́ Yemẹtù rí, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ̀bí aládùúgbò rẹ̀ kan ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni tí ó sọ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ibi tí ó ń lọ lónìí.

Ohun tí ó gba awakọ̀ náà là ni pé kò gbé ọkọ̀ lórí ìdáhùn yẹn nìkan. Ìgbà tí ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú búùtù ni ó béèrè ohun tí ìyá náà mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, èyíinì ni ohun tí ó bá wá: “Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?” Ojú ìyá náà sì mọ́lẹ̀. “Ọmọ mi ló bímọ, ó bí Ìdòwú fún wa. Èmi ni mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ.”

Ìbéèrè nípa ìdí ìrìnàjò dára nítorí pé kò sí èrò tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ní láti kọjá nínú àyẹ̀wò, nítorí pé ó lè tọ́ka síbi méjì. Awakọ̀ tí ó bá kánjú yóò gbọ́ “bímọ”, yóò rántí pé ilé ìgbẹ̀bí ni Adéọ̀yọ́ Yemẹtù, yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni tí ìyá náà sọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rí méjì yóò dà bí ẹni pé wọ́n bá ara wọn mu, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Awakọ̀ yìí wo ẹrù náà. Ẹni tí ó ń lọ wo aláboyún tàbí ìyá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kì í gbé àpò èlùbọ́ àti kẹ́ẹ̀gì epo dání. Ẹrù ẹni tí ó ń lọ gbé inú ilé fún ọjọ́ púpọ̀ ni. Ó sì béèrè pé, “Ṣé ọmọ yín ṣì wà lọ́sibítù ni, àbí wọ́n ti padà sílé?” Ìyá náà ní, “Wọ́n ti wà nílé láti ìjẹta. Ilé wọn ló wà lẹ́yìn Adéọ̀yọ́.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Adéọ̀yọ́ kì í ṣe ibi tí ìyá náà ń lọ. Àmì tí ó fi ń mọ ọ̀nà ni. Ìyàtọ̀ láàárín ibi tí à ń lọ àti àmì ọ̀nà ni ohun tí ó máa ń fara sin jù nínú ọ̀rọ̀ èrò, nítorí pé orúkọ àmì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Èrò yóò dárúkọ ọjà nígbà tí ó ń lọ sí ilé tó wà lẹ́yìn ọjà, tàbí kí ó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí i ló ń lọ. Awakọ̀ tí kò bá béèrè bóyá ibẹ̀ gan-an ni tàbí ìtòsí rẹ̀ yóò já èrò sílẹ̀ níbi tí ó dárúkọ, yóò sì gbà pé òun ti ṣe ohun tí wọ́n rán òun. Lẹ́yìn ìdáhùn yìí, ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀bí kò tún lè tọ́ka sí Yemẹtù mọ́, nítorí pé níbikíbi ni obìnrin náà ti lè bímọ kí ó tó padà sílé. Awakọ̀ náà ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láàárín Adéọ̀yọ́ méjèèjì.

Ó sì ní láti yanjú rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ yóò gbà láti Ojóò dé ibẹ̀, yálà Yemẹtù ni tàbí Ríngì Róòdù. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ó yà: ti Yemẹtù gba Bódìjà kọjá Sẹkitéríàtì, ti Ríngì Róòdù sì gba Sáńgo, Mókọ́lá àti Dùgbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti yà yìí ni òpin àkókò tí ìbéèrè ṣì rọrùn. Kí ọkọ̀ tó débẹ̀, àṣìṣe kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di epo, ó di sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ó sì di àríyànjiyàn lórí owó. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ máa ń wá ibi tí ọ̀nà yóò ti pínyà kí ó tó ṣíná ọkọ̀, ìbéèrè rẹ̀ yóò sì dá lórí ohun tí ó ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀.

“Màmá, ṣé ẹ ti wá sílé wọn rí?” Ìyá náà ní òun wá lọ́dún tó kọjá, ọkọ ọmọ òun ló wá gbé òun ní Ojóò yìí kan náà. “Nígbà yẹn, kí lẹ rí lójú ọ̀nà?” Awakọ̀ náà kò dárúkọ ohunkóhun. Kò ní, “Ṣé ẹ rí ọjà Bódìjà?” nítorí pé bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ìyá náà lè tún sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ìrántí ìyá náà sílẹ̀ kí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyá náà ronú díẹ̀. “A kọjá níbi afárá kan tí ọkọ̀ ń gbà lórí. Lẹ́yìn ìyẹn la rí ilé gíga kan tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọkọ ọmọ mi ní owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ.”

Ìdáhùn yìí wúwo ju gbogbo èyí tí ó ṣáájú lọ. Ilé Kòkó, tí wọ́n ṣí ní 1965, tí ó ní àjà 26, wà ní Dùgbẹ̀, afárá Mókọ́lá sì wà kí ènìyàn tó dé Dùgbẹ̀ láti Ojóò. Kò sí ìdí tí ẹni tí ó ti Ojóò ń lọ sí Yemẹtù gba Bódìjà yóò fi kọjá lábẹ́ ilé yẹn. Agbára ìdáhùn náà wá láti ibi méjì: ìyá náà ló mú un wá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi sí i lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ òótọ́ fún ọ̀nà kan nígbà tí kò lè jẹ́ òótọ́ fún èkejì. Bí ó bá jẹ́ “ọ̀nà ọlọ́dà kan” tàbí “mọ́sáláṣí kan” ni ìyá náà rántí, òun ló mú un wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì bá tí wúlò, nítorí pé irú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà méjèèjì.

Síbẹ̀ awakọ̀ náà ṣe ohun kan sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ó wá ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè ba ohun tí ó ti gbà gbọ́ jẹ́. Ó béèrè pé, “Lẹ́yìn tí ẹ rí ilé gíga yẹn, ṣé ẹ sún mọ́lé nìyẹn, àbí ẹ tún rìn dáadáa?” Ó ṣeé ṣe kí ọkọ ọmọ náà ní iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó yà síbẹ̀ kí ó tó padà gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Ìyá náà ní àwọn kò dúró níbìkan, pé àwọn tún rìn díẹ̀, àwọn sì kọjá níbi pápá bọ́ọ̀lù ńlá kan tí ó ní ògiri gíga yíká. Pápá ìṣeré tí a kọ́ ní 1960 tí a ń pè ní Líbátì, tí a sì fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè ní 2010, ni ó wà lápá ibẹ̀, kí a tó bọ́ sí Ríngì Róòdù. Ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà yìí gan-an ni awakọ̀ náà dárúkọ owó, ìyá náà dúnàádúrà, wọ́n fẹnu kò, ọkọ̀ sì gbéra.

Bí ọkọ̀ bá ti dé ibi àmì, iṣẹ́ kù, nítorí pé ìbéèrè tí ó wúlò lójú títì kì í wúlò láàárín ilé. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí ọsibítù náà, awakọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti yà. Ìyá náà ní ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì kì í ṣe ẹ̀rí tí ó dúró sójú kan, nítorí pé wọ́n ń yí padà bí ibi tí ojú ènìyàn kọ sí bá ti yí padà, ìrántí àwọn ènìyàn sì sábà máa ń pa wọ́n dà. Nítorí náà awakọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn: “Nígbà tí ẹ fẹ́ yà, ṣé ẹ ti kọjá géètì ọsibítù, àbí ẹ ò tíì dé ibẹ̀? Kí ló wà níbi tí ẹ ti yà?” Ìyá náà ní àwọn ti kọjá géètì, pé ẹ̀rọ ìlọta kan wà ní ìkóríta náà, òun sì rántí nítorí pé òórùn ata gba inú ọkọ̀. Ohun tí ó dúró lójú kan, tí ara sì mọ̀ ọ́n, ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbi báyìí.

Wọ́n rí ẹ̀rọ ìlọta náà, wọ́n yà, ó sì di dandan kí wọ́n bi ará àdúgbò. Ìyá náà yọrí láti fèrèsé, ó ń béèrè ilé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí òun ń pè é, oríkì tí òun fún un nígbà tí ó bí i. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé obìnrin tí ó ti bímọ kì í jẹ́ oríkì rẹ̀ mọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Awakọ̀ náà sì ti ní orúkọ yẹn lọ́wọ́ láti Ojóò. Ìyá náà ti sọ pé Ìdòwú ni wọ́n bí, Ìdòwú sì ni ọmọ tí a bí tẹ̀lé ìbejì. Ìyá Ìbejì ni àdúgbò yóò máa pe obìnrin náà.

Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì kì í wọ́n nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ yìí nìkan sì lè gbé wọn lọ sí ilé ẹlòmíràn. Awakọ̀ náà yí sí ìyá àgbà, ó ní, “Màmá, iṣẹ́ kí ni ọmọ yín ń ṣe?” “Aránṣọ ni.” Nígbà náà ni ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káfíńtà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níta, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, à ń wá Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ.” Ó yan káfíńtà nítorí pé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lójú kan mọ àwọn tí ó ń kọjá, ju ẹni tí òun náà ń kọjá lọ. Ó sì fi ohun kan pa mọ́. Kò sọ pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ìdí tí ó fi pa á mọ́ ni pé ará àdúgbò lè fẹ́ ṣoore ju bí ó ti mọ̀ lọ. Àlejò tí ó ń béèrè ọ̀nà máa ń ṣe ènìyàn láàánú, ọ̀pọ̀ sì máa ń nawọ́ síbìkan dípò kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé kò ní kọjá ohun tí a sọ fún un: yóò gba ọ̀rọ̀ wa, yóò dá a padà fún wa, yóò sì nawọ́ sí i. Ẹni tí ó mọ̀ lóòótọ́ yóò fi ohun tirẹ̀ kún un. Káfíńtà náà ní, “Ìyá Ìbejì tó bímọ lọ́sẹ̀ yìí? Ilé kẹta nìyẹn.” Ó ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Awakọ̀ náà kò tún nílò láti bi ẹlòmíràn. Ojú ọ̀nà ilé náà ni ó já ìyá náà sí, aṣọ ọmọ ìkókó wà lórí okùn, àwọn ìbejì méjèèjì sì sáré jáde wá dì mọ́ ìyá àgbà.

Nínú ìtàn yìí, a lè rí bí àwọn ìbéèrè náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Èyí tí ó ń béèrè ìdí ìrìnàjò ló ṣáájú, nítorí pé òun ló ń fi hàn bóyá orúkọ tí èrò sọ jẹ́ ibi tí ó ń lọ tàbí àmì ọ̀nà. Èyí tí ó ń béèrè ohun tí èrò fojú rí ló tẹ̀ lé e, òun ló sì yan ọ̀nà. Ìbéèrè tí ó dán ìdáhùn wò wá lẹ́yìn rẹ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ owó. Ìbéèrè nípa ẹni tí ó ń gbé ilé ló kẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ ti wọ àdúgbò. Bí a bá da ètò yìí rú, ìbéèrè kan náà lè di aláìwúlò: bíbéèrè orúkọ Ìyá Ìbejì aránṣọ ní Ojóò kì bá ti já mọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ìrántí Ilé Kòkó kì bá ti wúlò lẹ́yìn tí wọ́n ti dé Ríngì Róòdù.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí èrò kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, kò ní ìrántí tí a lè bi í, ìdí ìrìnàjò nìkan kò sì tó láti yan ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ òru ni ó kọ́kọ́ wá, tàbí tí ó sùn nínú ọkọ̀, ohun tí yóò rántí kò ní pọ̀. Àwọn àmì náà sì máa ń kú: wọ́n lè wó ilé ìlọta, ṣọ́ọ̀bù lè kó lọ, wọ́n sì lè kun ilé ní ọ̀dà mìíràn. Nínú gbogbo irú ipò báyìí, ẹni tí ó wà ní ibi tí wọ́n ń lọ ni ó yẹ kí wọ́n wá, bí fóònù rẹ̀ bá ń lọ. Kí wọ́n sì fi fóònù náà lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí ó bá onílé sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí èrò bá gbọ́ tí ó sì ń tún sọ lè ti sọ ìdajì rẹ̀ nù. Bí fóònù kò bá lọ, tí kò sì sí ìrántí, ó sàn kí awakọ̀ dúró ní gáréèjì títí tí wọn yóò fi rí onílé bá sọ̀rọ̀, ju kí ó gbé ọkọ̀ lórí “Ṣé ibẹ̀ ni?” àti “Bẹ́ẹ̀ ni” lọ.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ awakọ̀ ni pé kí ó má fi orúkọ sí èrò lẹ́nu, kí ó béèrè ohun tí èrò fojú rí àti ohun tí ó bá wá, kí ó sì parí ìbéèrè kí ó tó dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Ohun tí ó yẹ àwọn ọmọ tí ń gbé ìlú ńlá ni pé kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò wọn pé pérépéré, pẹ̀lú orúkọ tí àdúgbò fi ń pè wọ́n àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì, sínú ìwé kékeré kan fún àwọn òbí wọn kí wọ́n tó gbéra nílé.